Ìyá mi ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko, ọrùn ń dùn ún, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń kú

Bùsọ́lá_Ìtòkò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ìyá mi ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko wa lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá wá sí etí títì, ó tó ìrìn wákàtí kan, torí ọ̀kadà kò lè gba orí àpáta ibẹ̀. Láti ìgbà òjò ni ọrùn ti ń dùn ún. Ó ti wá ń lọ sí èjìká àti apá ọ̀tún, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń kú. Wọ́n ti fi róòbù pa á, wọ́n ti mu àgbo làkúrègbé, kò lọ. Ṣé ẹrù orí ló fà á? Kí ni ká ṣe?

Alábàárù_Kútọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí màmá. Iṣẹ́ ẹrù rírù ni mo ń ṣe ní ọjà Kútọ̀, mo sì ti wà nídìí ẹ̀ ọjọ́ pẹ́. Òṣùká ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ń fi àkísà kan ṣoṣo ká òṣùká, tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdí bàsíà á wá jókòó sórí agbárí gan-an, ìyẹn ló máa ń gun ọrùn. Ẹ fi ìró àtijọ́ ká a kó nípọn, kí àárín rẹ̀ sì jin díẹ̀ kí orí lè wọ inú rẹ̀. Tí òṣùká bá ti dára, ẹrù kò ní rí ọrùn mú. Èmi ń ru àpò ìrẹsì láti ìdí mọ́tò wọ inú ọjà, ọrùn kò dùn mí rí.

Ọmọ_Láfẹ́nwá

Ìrora ẹ̀yìn yìí ló ń bá èmi náà fínra. Mo ń wa mọ́tò láti Láfẹ́nwá lọ sí Ìtóòrì, tí n bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, ìbàdí mi á gan. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni onígbàjámọ̀ mi. Tó bá gé irun mi tán, á di orí mi mú, á yí i sọ́tùn-ún, ó dún, á yí i sósì, ó dún, ara á sì fúyẹ́. Ẹ mú màmá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n yí. Àwọn tó ń to eegun pàápàá ń ṣe é.

Ìyá_Físíò

Bùsọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn màmá. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ tí ẹ bá ti dá mi lóhùn. Iṣẹ́ títọ́jú eegun àti iṣan ni mò ń ṣe, àwọn obìnrin tó ń ru omi àti àwọn tó ń ru ẹrù oko sì pọ̀ nínú àwọn tí mò ń rí.

Ìka wo gan-an ló ń kú, àtàǹpàkò ni àbí ìka kékeré? Tí wọ́n bá gbé ọwọ́ náà sókè, tí wọ́n fi lé orí, ṣé ó ń dùn sí i ni àbí ara ń tù wọ́n? Ṣé wọ́n ṣì ń lè dé bọ́tìnnì búláòsì fúnra wọn, kí wọ́n sì ṣa òkúta inú ìrẹsì bí tàtẹ̀yìnwá? Ìrìn wọn ńkọ́? Tí wọ́n bá ń rìn ní alẹ́ tí kò síná, ṣé ẹsẹ̀ wọn kì í yẹ̀? Ìtọ̀ ńkọ́, ṣé ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá fẹ́?

Ẹ tún bá mi wọn ẹrù náà. Kí ẹ wọ̀n ọ́n ni mo wí o, kì í ṣe kí ẹ fojú dá a.

Alábàárù, ẹ ṣeun. Òṣùká wúlò gan-an. Kì í jẹ́ kí ìdí bàsíà gún àtàrí tàbí kí ó jẹ irun, ó sì ń jẹ́ kí ẹrù jókòó láìmì. Ṣùgbọ́n kìlógíráàmù kan kì í dín lára ẹrù nítorí òṣùká. Gbogbo rẹ̀ ṣì ń gba ọrùn kọjá lọ sí ẹ̀yìn.

Tíṣà_Ọ̀bàǹtokò

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí á má di gbogbo ẹ̀bi ru ẹrù orí. Ní 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí àwọn obìnrin Kẹ́ńyà, àwọn Lúò àti Kìkúyù. Wọ́n ní kí wọ́n máa rìn pẹ̀lú ẹrù, wọ́n sì wọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Wọ́n rí i pé títí dé orí ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn, agbára tí wọ́n ń lò kò lé rárá ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo. Ara ọmọ adúláwọ̀ mọ ẹrù rù. Àwọn ìyá wa àgbà ru ìkòkò omi láti odò Ògùn gòkè wá sí Aké, ọrùn wọn sì nà ṣánṣán títí wọ́n fi dàgbà. Ọjọ́ orí lè jẹ́ ohun tó ń ṣe màmá.

Bùsọ́lá_Ìtòkò

Ẹ ṣeun gan-an mà. Mo ti bi wọ́n ní gbogbo rẹ̀.

Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ló ń kú, ó sì máa ń ta wọ́n ṣóṣó láti èjìká sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ lórí yẹn yà mí lẹ́nu púpọ̀, torí ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Màmá ò lè sùn àyàfi tí wọ́n bá fi ọwọ́ ọ̀tún lé orí. Ìyá àgbà wa máa ń pariwo mọ́ wọn pé ta ló kú tí wọ́n fi ń káwọ́ lérí, pé kí wọ́n má fi pe ọ̀fọ̀ wọlé. Wọ́n á sọ ọwọ́ kalẹ̀, ìrora á sì tún jí wọn.

Bọ́tìnnì ti ń fún wọn ní wàhálà, àbúrò mi ló ń bá wọn dé e. Ohun kan tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀ ni pé bàtà sílípáàsì máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn lójú ọ̀nà, wọ́n á ti rìn díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ìtọ̀ kò ní wàhálà.

Mo gbé bàsíà ẹ̀gẹ́ náà dé orí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra àgbàdo. Kìlógíráàmù méjìdínlógójì ni, tòun ti bàsíà. Màmá fúnra wọn jẹ́ márùn-dín-lọ́gọ́ta. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n.

Ìyá_Físíò

Ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ọ̀kan lè dúró díẹ̀, èkejì ò lè dúró.

Eegun méje ló wà ní ọrùn, kerekere sì wà láàrin wọn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, ìkarùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje, ni ọrùn fi ń tẹ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ẹrù ti ń rí wọn jẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, omi inú kerekere yẹn á máa dín, á máa fẹ́lẹ́, eegun á súnmọ́ eegun, àwọn eegun kéékèèké á sì máa hù létí wọn. Ihò tí iṣan ọwọ́ ń gbà jáde á wá há. Èyí tó ń jáde láàrin ìkarùn-ún àti ìkẹfà ló ń lọ sí àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé orí, iṣan yẹn á dẹ̀, ìrora á rọlẹ̀. Ẹ bá mi bẹ ìyá àgbà, kí wọ́n jẹ́ kí màmá káwọ́ lérí sùn. Kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ara wọn ló ti wá ìtura rí fúnra rẹ̀, ó sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn wá.

Ìyẹn ni èyí tó lè dúró. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ pátápátá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni bọ́tìnnì àti sílípáàsì. Iṣan apá nìkan kò lè mú bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ ọrùn, ó ṣeé ṣe kí okùn ńlá tó gba àárín ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá láti ọpọlọ ti há. Ẹ ṣe àyẹ̀wò méjì yìí nílé lónìí. Kí màmá na ọwọ́ síwájú, kí wọ́n máa di ẹ̀ṣẹ́, kí wọ́n máa ṣí i gbàgà, ní kíá, kí ẹ sì wo aago. Ọwọ́ tó dá ṣáṣá máa ń ṣe é tó ogún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kí wọ́n rìn lórí ìlà kan, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka èkejì, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n kí wọ́n má bàa ṣubú. Tí ọwọ́ bá lọ́ra tàbí tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yìí o. Tí ìtọ̀ bá wá ń jáde láìmọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá rọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ yíyí ọrùn. Ọmọ_Láfẹ́nwá, ọ̀rọ̀ ìbàdí yín yàtọ̀, ẹ dá a kọ lọ́tọ̀, a máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí okùn yẹn ti há sí lọ́rùn, yíyí lójijì kan lè sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára. Onígbàjámọ̀ kò lè mọ èyí tó há lójú lásán. Èmi gan-an kì í fọwọ́ kan irú ọrùn bẹ́ẹ̀ kí n tó rí àwòrán rẹ̀.

Tíṣà, ohun tí ẹ sọ nípa Kẹ́ńyà tọ̀nà. Ẹ tún un wò dáadáa, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí ni wọ́n wọ̀n. Ó sọ bó ṣe ń rẹ èèyàn fún wa, kò sọ ohun tó ń ṣe eegun ọrùn. Ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara màmá, kìlógíráàmù mọ́kànlá ni. Ohun tí wọ́n ń rù ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ.

Tíṣà_Ọ̀bàǹtokò

Mo gbà pé méjìdínlógójì pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan síbẹ̀. Tí ẹ bá ya àwòrán ọrùn èmi tí mi ò ru nǹkan kan rí ju ìwé lọ, ọdún mi sì ti lé ní ọgọ́ta, ṣé ẹ kò ní rí kerekere tó fẹ́lẹ́? Báwo la ṣe mọ̀ pé ẹrù ni?

Ìyá_Físíò

A máa rí i, ó sì ṣeé ṣe kó má dùn yín rárá. Ìbéèrè tó dára ni, mi ò sì lè fi àwòrán kan ṣoṣo já a. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn dókítà kan ya àwòrán ọrùn àwọn èèyàn ní Sàró, wọ́n fi àwọn tó ń fi orí ru ẹrù wé àwọn tí kì í rù, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1997. Ìbàjẹ́ inú eegun ọrùn pọ̀ jọjọ lára àwọn aláàárù ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà ọjọ́ orí ń ṣe tirẹ̀, ẹrù sì ń lé e siwájú. Èwo ló ṣe púpọ̀ jù lára màmá, mi ò lè pín in.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ru ẹrù nílùú olókùúta yìí mọ̀. Tí orí bá dúró ṣánṣán, ẹrù á gba orí eegun sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ẹran ọrùn ò ní ṣiṣẹ́ púpọ̀. Àwọn ìyá tí Tíṣà ń sọ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ọrùn wọn fi nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn lórí àpáta gbọ́dọ̀ wo ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sí. Ní kété tí ojú bá wolẹ̀ báyìí, orí á tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹrù, ẹran ẹ̀yìn ọrùn á sì fà gan-an kí ẹrù má bàa já. Fífà yẹn náà ń tẹ àwọn eegun mọ́ra wọn. Kerekere á wá máa ru ẹrù, á sì máa ru agbára tí ara fi ń di ẹrù mú. Ọ̀nà oko tó gùn, tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, burú fún ọrùn ju títì tó tẹ́ lọ, kódà tí ẹrù bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Bùsọ́lá, báwo ni màmá ṣe ń gbé e rù tí kò bá sí èèyàn lóko, báwo sì ni wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́?

Bùsọ́lá_Ìtòkò

Àwọn nìkan ni lọ́pọ̀ ìgbà, mà. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fa bàsíà gun itan, wọ́n á wá fi ipá gbé e sórí kí wọ́n tó dìde. Tí wọ́n bá dé etí títì, wọ́n á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ní ìgbà òjò yẹn, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí àpáta, wọ́n di bàsíà mú kó má dànù, wọn ò sì ṣubú. Ọrùn wọn dún "kọ̀", àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìrora bẹ̀rẹ̀.

Alábàárù_Kútọ̀

Háà. Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ni a kì í ṣe o! Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń sọ pé tí ẹsẹ̀ bá ti yẹ̀, kí o jù ú nù síwájú, kí o bọ́ sẹ́yìn. Ẹrù ṣeé san, ìyá ẹni kò ṣeé rà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọrùn gba ẹrù tó ń já kì í pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Nínú ọjà, èèyàn méjì ló ń gbé e rù mí, èèyàn méjì ló sì ń sọ̀ mí. Mi ò rò ó rí pé àwọn ìyá tó wà lóko kò ní ẹni tí yóò sọ̀ wọ́n.

Ìyá_Físíò

Alábàárù, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ jù. Gbígbé rù àti sísọ̀ ni mo ti ń rí ìpalára jù, ju ìrìn fúnra rẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni orí ti ń fẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Ẹni tó bá dá wà, kí ó wá àpáta tó ga tó àyà, kí ó kọ́kọ́ gbé bàsíà lófìfo síbẹ̀, kí ó máa ko ẹ̀gẹ́ sí i níbẹ̀, kí ó wá tẹ orúnkún, kí ó fi orí wọ abẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi itan dìde. Àpáta mìíràn ní etí títì fún sísọ̀. Abẹ́òkúta kì í wọ́n àpáta. Tó bá sì fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ni kó yí, kì í ṣe ọrùn.

Àwọn mìíràn ni mò ń sọ èyí fún o. Màmá Bùsọ́lá kò gbọ́dọ̀ ru nǹkan kan mọ́ báyìí, ì báà ṣe korobá omi kékeré.

Fúnkẹ́_Àṣẹ̀rọ̀

Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń pọn omi nílé wa láti ìsàlẹ̀, jálá olómi ogún lítà ló ń rù. Wọ́n ní ẹrù orí máa ń jẹ́ kí ọmọ kúrú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá_Físíò

Ogún lítà omi, ogún kìlógíráàmù ni, ẹ tún fi ti jálá lé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè má ju ọgbọ̀n kìlógíráàmù lọ. Ó ń ru ìdá méjì nínú mẹ́ta ara rẹ̀. Ẹ gbà á lórí rẹ̀ lónìí, ẹ fún un ní lítà márùn-ún, kó tún ọ̀nà lọ lẹ́ẹ̀kejì tó bá pọn dandan, tàbí kí ẹ̀yin àgbà lọ pọn ọ́n. Ní ti gíga, ìran àti oúnjẹ ló ń pinnu rẹ̀ jù, mi ò sì ní fi kíkúrú dẹ́rù bà yín. Ọrùn dídùn, orí fífọ́ àti ìṣubú ti tó ìdí láti gbà á lórí rẹ̀.

Tíṣà_Ọ̀bàǹtokò

Lórí ti kíkúrú yẹn, mi ò gbà pátápátá. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ìgbèríko, èyí tó ń ru igi láti kékeré máa ń kúrú. Bóyá ebi ni, bóyá ẹrù ni.

Fúnkẹ́_Àṣẹ̀rọ̀

Lítà márùn-ún náà la ti fún un báyìí. Mo máa fi ewé lé ojú omi pẹ̀lú, kó má máa jó gbọ̀ngbọ̀n lórí rẹ̀.

Bùsọ́lá_Ìtòkò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ti lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀ṣẹ́ dídì yẹn, màmá kò ṣe é tó ogún, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Ìrìn orí ìlà, ẹ̀ẹ̀kejì ni mo dì wọ́n mú.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ara ríro ni, wọ́n fún wa ní oògùn ìrora, wọ́n ní ká máa lọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ sílípáàsì fún wọn, ẹni tó wà níbẹ̀ ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀bùn ńlá ni ohun tí ẹ sọ, torí òun ni mi ò fi padà sílé. A lọ sí òmíràn. Dókítà ibẹ̀ fi òòlù kékeré lu orúnkún màmá, ẹsẹ̀ fò sókè fíì. Ó fi nǹkan ha àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sì gbé sókè dípò kó tẹ̀ sílẹ̀. Ojú dókítà yí padà. Ẹ́síréè fi hàn pé àárín eegun ìkarùn-ún àti ìkẹfà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, eegun ti hù létí rẹ̀. Wọ́n ní ká ya ẹmáráì, owó rẹ̀ ni à ń wá lọ́wọ́. Wọ́n fún màmá ní kọ́là ọrùn. Ṣé kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru ni?

Ìyá_Físíò

Ọlọ́run ṣeun pé ẹ kò padà sílé. Orúnkún tó ń fò yẹn àti ìka ẹsẹ̀ tó gbé sókè jẹ́ àmì okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Oògùn ìrora kò lè bá a wí. Ẹmáráì ni yóò fi hàn bí ó ti há tó, ẹ́síréè kì í rí okùn náà fúnra rẹ̀, eegun nìkan ló ń rí. Tí ẹ bá máa yá owó fún nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ni kí ẹ yá a fún.

Ní ti kọ́là, ohun tí dókítà yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Èyí tí mo lè fi kún un ni pé kì í wo nǹkan sàn, ó kàn ń jẹ́ kí ọrùn sinmi ni. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí ẹ máa bọ́ ọ, torí tó bá pẹ́ jù lọ́rùn, ẹran ọrùn á rọ, ọrùn á sì gan.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa gbọ́ lọ́dọ̀ wọn, kó má bàa já lù yín. Tí ó bá há gan-an, wọ́n lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ohun tí iṣẹ́ abẹ ń ṣe jù ni kó dá a dúró kó má burú sí i. Ọwọ́ tó ti kú lè padà, ó lè má padà tán, bó bá sì ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó ṣe é ni ìrètí ìpadàbọ̀ rẹ̀ ń dín. Tí kò bá há púpọ̀, wọ́n lè ní kí ẹ máa bọ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà náà, ẹ máa wo bọ́tìnnì àti ìrìn lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí mi ò lè sọ láti ibi tí mo wà ni èwo nínú méjèèjì ni ti màmá.

Ìyá_Oníláfún

Ẹ kú àmójúbà aláìsàn, ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Ìbéèrè kan ni mo ní: ta ni yóò wá ru ẹ̀gẹ́ náà báyìí? Torí mo mọ̀ pé tí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ á tún padà sídìí bàsíà.

Omi ni ìyá rẹ ń rù. Ẹ̀gẹ́ tútù, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èèpo sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá sílé láti wá dànù. Láfún ni èmi ń ṣe, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá yẹn náà. Mi ò gbé ẹ̀gẹ́ tútù kúrò lóko mọ́ láti ìgbà tí orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀. Lóko la ti ń bó o, ibẹ̀ la ti ń rẹ ẹ́ sínú àgbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó máa rọ̀ débi tó ń fọ́ sọ́wọ́. A ó yọ ọ́, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sì sá a sórí àpáta. Àpáta ibẹ̀ gbóná lọ́sàn-án débi pé ó ń gbẹ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Bàsíà ẹ̀gẹ́ tútù mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń di bàsíà kan gbígbẹ, gbígbẹ náà kò sì wúwo. Bí méjìdínlógójì yẹn bá gbẹ, á kù bíi mẹ́wàá. Ọmọ ilé ìwé lè fi kẹ̀kẹ́ gbé e, èèyàn méjì lè dì í mú ní àpò.

Bùsọ́lá_Ìtòkò

Ìyá mi, ẹ ṣeun. Àwọn onífùfú ní Ìtòkò ló ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ màmá, tútù ni wọ́n fẹ́. Tí a bá yí i sí láfún, ṣé a ò ní pàdánù àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn? Nígbà òjò ńkọ́, tí àpáta kì í gbẹ?

Ìyá_Oníláfún

Mi ò ní parọ́ fún ọ, ìgbà òjò ni ìṣòro. Láfún tí òjò bá pa kí ó tó gbẹ á hu, á dúdú, á rùn, kò sẹ́ni tí yóò rà á. Nígbà òjò mo máa ń dín ohun tí mò ń rẹ kù, mo sì máa ń ní tapólì nítòsí. Àwọn onífùfú lè ra èyí tí ẹ ti bó, tí ẹ sì ti rẹ, tí ẹ fún omi rẹ̀ dànù sínú àpò. Ìyẹn fúyẹ́ ju tútù lọ, kò fúyẹ́ tó láfún. Ẹ lọ bi wọ́n kí ẹ tó yí nǹkan padà. Ẹ má sì dín ọjọ́ rírẹ kù nítorí ìkánjú o, oró ẹ̀gẹ́ ni omi yẹn ń fà jáde.

Tíṣà_Ọ̀bàǹtokò

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹni tó ní ọmọlanke ní abúlé tó súnmọ́ oko. Táyà rẹ̀ kò lè gba orí àpáta, ṣùgbọ́n ibi tí àpáta ti tán títí dé títì, ó lè gba ibẹ̀. Ìdajì ọ̀nà ló máa kù fún rírù.

Bùsọ́lá_Ìtòkò

Àbúrò mi ọkùnrin ti gbà pé òun ni yóò máa lọ sóko títí a ó fi mọ ohun tí ẹmáráì sọ. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa àpáta tó ga tó àyà fún un, a sì ti rí ọ̀kan lóko. Onífùfú kan ti ní kí a gbé àpò kan èyí tó ti rọ̀ wá kí òun wò ó, èkejì kọ̀. Màmá ń káwọ́ lérí sùn, ìyá àgbà ti dákẹ́, ó kàn máa ń sàdúrà tó bá ti rí i.

Alábàárù_Kútọ̀

Ìyá Físíò, ẹ jọ̀ọ́. Mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ọrùn kò dùn mí rí, kò sì dùn mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń wo ọwọ́ mi. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òsì máa ń kú tí mo bá ti di ẹrù mú lórí pẹ́. Ti màmá, àtàǹpàkò ni. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Ìyá_Físíò

Ó lè jẹ́ ti ọrùn, láti ibi tó rẹlẹ̀ ju ti màmá lọ. Ó sì lè jẹ́ ti ìgúnpá. Iṣan kan wà tó gba ẹ̀yìn ìgúnpá lọ sí ìka kékeré, tí ẹ bá tẹ apá fún ìgbà pípẹ́ láti di ẹrù mú, ó máa ń há níbẹ̀. Lọ́la, tí ẹ bá di ẹrù mú, ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́, kí apá òsì máa nà sísàlẹ̀, kí ẹ wo bóyá kíkú náà dín. Tó bá dín, ìgúnpá ni mo fura sí. Tí kò bá dín, tàbí tí ẹran tó wà láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìkejì lẹ́yìn ọwọ́ bá ti ń jò, ẹ wá kí wọ́n yẹ ọrùn yín wò, kódà tí kò bá dùn yín. Ẹ sì ṣe ẹ̀ṣẹ́ dídì yẹn náà, kí ẹ kọ iye tó jẹ́ síbí.